Gí-Rá-Mà! Igbe Àwọn Alátìlẹ́yìn Gírámà Abẹ́òkúta

Ẹni tó bá dúró lórí bẹ́ǹṣì ló ń lé, gbogbo wa là ń gbè. Àtẹ́wọ́ ló ni ìlù o: bí onílù bá sáré ju àtẹ́wọ́ lọ, ẹ fà á padà.

Bí wọ́n ṣe ń wọ pápá

Lílé: Ta ló ń bọ̀ o?
Ègbè: Gí-rá-mà! (pa, pa, pa)
Lílé: Ọmọ ibo ni?
Ègbè: Ìdí-Àbá! (pa, pa, pa)
Lílé: Ọdún wo la bẹ̀rẹ̀?
Ègbè: 1908!
Lílé: N ò gbọ́ o!
Ègbè: 1908!

Lílé: Ẹsẹ̀ wa ńkọ́?
Ègbè: Òkúta!
Lílé: Àyà wa ńkọ́?
Ègbè: Òkúta!
Lílé: Ẹ̀yìn wa ńkọ́?
Ègbè: Olúmọ!
Lílé: Ta ló lè ṣí Olúmọ nídìí?
Ègbè: Kò sí o! Kò sí o! Kò mà sí o!

Israel Ransome-Kuti, ọ̀gá ilé ìwé wa láti 1932 sí 1954, là ń pè ní Dáódù.

Lílé: Ta ló jọ̀gá fún wa?
Ègbè: Dáódù!
Lílé: 1932 ńkọ́?
Ègbè: Dáódù!
Lílé: 1954 ńkọ́?
Ègbè: Dáódù náà ni!

Orin Béèrè nìyí, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó wọ Gírámà. Àwọn obìnrin nìkan ló ń lé e. Ọkùnrin tó bá gbà á lẹ́nu wọn, ẹ̀yìn ló ń lọ.

Lílé: 1914, ta ló wọ kíláàsì?
Ègbè: Béèrè!
Lílé: Ta ni ò bẹ̀rù ọkùnrin?
Ègbè: Béèrè!
Lílé: Ta ni ò bẹ̀rù ọba?
Ègbè: Béèrè! Béèrè! Béèrè!

Bí bọ́ọ̀lù bá wà lẹ́sẹ̀ wa

Lílé: Fún un!
Ègbè: (pa!) Fún un!
Lílé: Má dì í mú!
Ègbè: (pa!) Fún un!
Lílé: Odò Ògùn kì í ṣàn padà,
Ègbè: Gírámà kì í padà!
Lílé: Ó ń ṣàn, ó ń ṣàn,
Ègbè: Ó ń ṣàn bọ̀ lọ́dọ̀ yín!

Bí wọ́n bá gba kọ́nà

Lílé: Amúlé wa!
Ègbè: Tìlẹ̀kùn!
Lílé: Òkè ńkọ́?
Ègbè: Tì í pa!
Lílé: Ìsàlẹ̀ ńkọ́?
Ègbè: Tì í pa!
Lílé: Kọ́kọ́rọ́ dà?
Ègbè: Ó ti jù ú sódò!

Bí wọ́n bá gbá a wọlé wa

Kí ìlù má dákẹ́ o. Ibi tí ìlù bá ti dákẹ́ lẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa ti ń wúwo.

Lílé: Ẹ gbé e sáàárín!
Ègbè: Ká tún un gbá! (ká máa tún un pè títí fèrè á fi dún)

A ò lórin kankan fún rẹfirí. Ẹni tó bá bú u, òun nìkan ló bú u.

Bí ó bá wọlé wọn

Lílé: Ó wọlé!
Ègbè: Ó wọlé!
Lílé: Àwọ̀n ń mì!
Ègbè: Ó ń mì jìgìjìgì!
Lílé: Ẹ kà á!
Ègbè: Ọ̀kan!
Lílé: Ó tán?
Ègbè: Ó kù!
Lílé: Ó tán?
Ègbè: Ó kù lápò! Gí! Rá! Mà!