Àwòrán ètò ìṣàkóso ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olówò ẹja ní Ẹ̀pẹ́: àlàyé fún ẹni tó ń fi etí kà á

Ọ̀rọ̀ kúkúrú lórí àwòrán (alt)

Àwòrán ètò ìṣàkóso ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olówò ẹja ní Ẹ̀pẹ́, ìpele 5. Ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló wà lókè pátápátá. Ìgbìmọ̀ méjì ló ń jábọ̀ fún un: ìgbìmọ̀ alákòóso àti ìgbìmọ̀ ayẹ̀wéwò. Máníjà wà lábẹ́ ìgbìmọ̀ alákòóso, ẹ̀ka mẹ́ta sì wà lábẹ́ máníjà. Àlàyé kíkún wà nísàlẹ̀ àwòrán.

Àlàyé kíkún

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń fi ẹ̀rọ gbọ́ ohun tó wà lójú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin la kọ ọ̀rọ̀ yìí fún. Àpótí 21 ló wà nínú àwòrán náà, ìlà ló so wọ́n pọ̀. A ò ní kà wọ́n láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún bí ojú ṣe ń rí wọn, nítorí ibi tí àpótí wà kọ́ ló ń sọ ẹni tó láṣẹ ní gbogbo ìgbà. Ta ló ń jábọ̀ fún ta, ìyẹn la máa tẹ̀ lé. Ìpele kọ̀ọ̀kan ní àkọlé tirẹ̀. Bí ẹ bá ń lo NVDA tàbí JAWS, ẹ tẹ H kí ẹ fi fo láti àkọlé kan sí òmíràn.

Oríṣi ìlà méjì ló wà. Ìlà gbọọrọ tí kò já níbì kankan, àṣẹ ni: ẹni ìsàlẹ̀ ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni òkè, òun ló sì ń jábọ̀ fún. Ìlà tótótó kò ní àṣẹ nínú, ìwé tàbí ìròyìn ló ń gbabẹ̀ kọjá. Mẹ́ta péré ni ìlà tótótó, a ó dé ibẹ̀ lẹ́yìn ìpele karùn-ún.

Ìpele 1: Ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́

Àpótí kan ṣoṣo. Ọmọ ẹgbẹ́ kan, ìbò kan, ì báà jẹ́ ẹni tó ń ta ẹja apẹ̀rẹ̀ kan lọ́jà Olúwo, ì báà jẹ́ ẹni tó ní ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó ga ju ìpàdé yìí lọ nínú ẹgbẹ́, títí kan alága. Òun ló ń yan ìgbìmọ̀ méjèèjì tó wà ní ìpele kejì, òun náà ló sì lè yọ wọ́n.

Ìpele 2: Ìgbìmọ̀ méjì

Ìlà gbọọrọ méjì ló sọ̀ kalẹ̀ láti ìpàdé. Ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ alákòóso, ẹni méje. Èkejì lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ayẹ̀wéwò, ẹni mẹ́ta, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti yẹ ìwé owó ẹgbẹ́ wò. Ẹgbẹ́ ni ìgbìmọ̀ méjèèjì sí ara wọn. Kò sí ìlà kankan láàárín wọn, a sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í bẹ́ẹ̀ ni: ẹni tó ń ná owó kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀gá ẹni tó ń yẹ ìnáwó wò. Kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ ìgbìmọ̀ ayẹ̀wéwò, ìlà gbọọrọ rẹ̀ parí síbẹ̀.

Ìpele 3: Àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ alákòóso, àti àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀

Àpótí mẹ́sàn-án ló so mọ́ ìgbìmọ̀ alákòóso, ṣùgbọ́n oríṣi méjì ni wọ́n.

Àpótí méje jẹ́ ti àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ fúnra wọn: alága, igbákejì alága, akọ̀wé, akápò, àti aṣojú mẹ́ta, ọ̀kan láti Ẹ̀pẹ́, ọ̀kan láti Ejìnrin, ọ̀kan láti Agbọ́wà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ti àwọn aṣojú yìí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni àwòrán ti ń ṣi ọ̀pọ̀ ẹni tó ríran lọ́nà. Àyè ò tó lókè, nítorí náà wọ́n ya àpótí àwọn aṣojú sí ìsàlẹ̀ lápá òsì, ó wá bá ti àwọn òṣìṣẹ́ dọ́gba. Àmọ́ ìlà gbọọrọ tiwọn kò kan máníjà rárá. Tààrà ló lọ sókè sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ alákòóso. Aṣojú kì í ṣe ọmọ abẹ́ máníjà, kì í sì í ṣe ọ̀gá òṣìṣẹ́. Bí yìnyín bá tán ní ìdájí nígbà tí àwọn ìyá ẹlẹ́ja ti tò sílẹ̀, aṣojú Ẹ̀pẹ́ kò lè pàṣẹ fún ẹni tó ń ṣọ́ yàrá yìnyín. Ìgbìmọ̀ ló máa sọ fún, ìgbìmọ̀ á sọ fún máníjà, máníjà á sọ fún olórí ẹ̀ka. Ẹni tó ń ṣọ́ yàrá yìnyín náà, olórí ẹ̀ka rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ fún, kì í ṣe aṣojú.

Àpótí méjì tó kù wà lábẹ́ ìgbìmọ̀ alákòóso. Ọ̀kan ni ìgbìmọ̀ owó yíyá, tó ń pinnu ẹni tí ẹgbẹ́ máa yá lówó. Kò ní ọmọ abẹ́. Èkejì ni máníjà. A gba máníjà síṣẹ́ ni, a ò dìbò yàn án, kò sì ní ìbò nínú ìgbìmọ̀. Gbogbo ìpele 4 àti 5, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wà.

Ìpele 4: Olórí ẹ̀ka mẹ́ta, gbogbo wọn lábẹ́ máníjà

Olórí ẹ̀ka ìfowópamọ́ àti owó yíyá. Olórí ẹ̀ka ìtọ́jú ẹja. Olórí ẹ̀ka ìrìnnà. Wọ́n dọ́gba.

Ìpele 5: Àwọn òṣìṣẹ́

Lábẹ́ olórí ẹ̀ka ìfowópamọ́: oníṣirò owó, àti àwọn tó ń gba àjọ ojoojúmọ́ kiri ọjà.

Lábẹ́ olórí ẹ̀ka ìtọ́jú ẹja: àwọn tó ń ṣọ́ yàrá yìnyín, àti àwọn tó ń yan ẹja.

Lábẹ́ olórí ẹ̀ka ìrìnnà: àwọn dẹ́rẹ́bà, àti àwọn atukọ̀ ojú omi.

Àpótí mẹ́fà nìyẹn. Kò sí ẹni tó wà lábẹ́ wọn.

Ìlà tótótó mẹ́ta

Èkíní so oníṣirò owó mọ́ akápò. Ní ìparí oṣù, oníṣirò ń fi ìwé owó ránṣẹ́ sí akápò, ṣùgbọ́n olórí ẹ̀ka rẹ̀ ṣì ni ọ̀gá rẹ̀.

Èkejì ló gùn jù nínú àwòrán. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbìmọ̀ ayẹ̀wéwò ní ìpele 2, lápá ọ̀tún, ó fo ìpele 3 àti 4 kọjá, ó sì balẹ̀ sára oníṣirò owó ní ìpele 5. Ohun tó ń sọ ni pé ìgbìmọ̀ ayẹ̀wéwò lè béèrè ìwé lọ́wọ́ oníṣirò lọ́jọ́ tó bá wù ú, láìgba ọwọ́ máníjà, láìgba ọwọ́ alága. Nínú gbogbo ìlà tó wà nínú àwòrán yìí, òun ló ń ṣọ́ owó yín jù.

Ẹ̀kẹta so olórí ẹ̀ka ìfowópamọ́ mọ́ ìgbìmọ̀ owó yíyá. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ yá owó fi ra fírísà, ẹ̀ka ìfowópamọ́ ló máa gba ìwé ìbéèrè rẹ̀. Olórí ẹ̀ka á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pé, á wá gbé e lọ fún ìgbìmọ̀ owó yíyá. Kò lágbára láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Àwọ̀

Àpótí àwọn tí a dìbò yàn jẹ́ aláwọ̀ ewé, ti àwọn tí a gbà síṣẹ́ jẹ́ aláwọ̀ ofeefee. Ti ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ funfun. Ìgbìmọ̀ alákòóso ló ń yan ìgbìmọ̀ owó yíyá láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́, nítorí náà àpótí tirẹ̀ jẹ́ ewé ní ìdajì, ofeefee ní ìdajì.

Àlàyé àwòrán parí síbí.