Ọ̀rọ̀ fọ́tò Ojúde Ọba àná

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará gúrúùpù. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ sábẹ́ fọ́tò Ìyá Ìbejì akápò wa lálẹ́ àná, pé "ẹ wo owó sẹ́ẹ̀tì wa lẹ́yìn ẹṣin" 😂, ó ti ń lọ síbi tí mi ò rán an, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe jẹ́ kó tó di wàhálà.

Ìjẹ̀bú ni mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, kì í ṣe akápò. Gbogbo wa la mọ̀ pé tó bá ti di ọjọ́ kẹta Iléyá, ọmọ Ìjẹ̀bú ò rántí ẹnikẹ́ni mọ́, aṣọ rẹ́gbẹ́-rẹ́gbẹ́, ìlẹ̀kẹ̀, gèlè, abẹ̀bẹ̀, ká má tíì sọ ti ẹṣin, Ìyá Ìbejì náà sì máa ń pè mí ní Ìbàdàn ajẹ̀gbínyó lójoojúmọ́ ayé, ẹ̀rín ni mo máa ń fi rín. Eré yẹn náà ni mo rò pé à ń bá bọ̀. Àfi bẹ́nì kan ṣe wá kọ "òótọ́ ọ̀rọ̀ wà nínú àwàdà o" sísàlẹ̀, làwọn míì bá ń ju ẹmójì ojú sí i, ibẹ̀ ló ti yíwọ́.

Torí náà ẹ gbọ́ o: owó wa pé. ₦486,000 ló wà nínú àkáǹtì, ẹ lọ wo státímẹ́ǹtì lókè, akápò fúnra ẹ̀ ló fi síbí lọ́jọ́ Fúráìdé. Àwa mẹ́ta là ń sáìnì, kọ́bọ̀ ò lè jáde láìjẹ́ pé ẹni méjì fọwọ́ sí i, èmi sì wà lára àwọn mẹ́ta yẹn. Tó bá jẹ́ pé owó sẹ́ẹ̀tì wà lẹ́yìn ẹṣin lóòótọ́, a jẹ́ pé èmi náà ni mo jókòó tì í nìyẹn. Ẹṣin yẹn gan-an ti ọ̀kan nínú àwọn ìdílé Balógun ni, Ìyá Ìbejì kàn dúró tì í ya fọ́tò ni. Aṣọ tó wọ̀ ńkọ́? Látọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń dáwó ẹ̀ nínú rẹ́gbẹ́-rẹ́gbẹ́ wọn.

Ìyá Ìbejì, mo pè ẹ́ títí o ò gbé e. Jọ̀ọ́ má bínú, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó kì í ṣeré létí ẹni tó ń bá ni tọ́jú owó. Mo ti dílíìtì ẹ̀. Ti "mi ò ṣe akápò mọ́" tó o kọ yẹn, bá mi gbé e tì ná, ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá ń bi mí ní kọ̀rọ̀ pé kí ni mo mọ̀ tí mi ò sọ, mi ò mọ nǹkan kan. Ẹni tó bá fẹ́ bèèrè ọ̀rọ̀ owó, kó bèèrè ẹ̀ níbí kí gbogbo wa jọ rí i. Ẹ̀yin méjì tẹ́ ẹ sì sọ̀rọ̀ jù lálẹ́ àná, owó oṣù tó kọjá yín dà?