Ọ̀rọ̀ fídíò mẹ́rin láti inú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò Màmá Oníkọ́kọrẹ́

Àbúrò, mo ti gbọ́ ohùn Màmá, oníbàárà gàrí wa, látòkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣẹ́jú 47 ni, fídíò mẹ́rin ni kí o gé nínú rẹ̀. Gé e lóòró bí ojú fóònù, kọ ọ̀rọ̀ Màmá sísàlẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ló ń wo fídíò láì tan ohùn. Má ṣe tún ẹnu Ìjẹ̀bú wọn ṣe.

1. Omi tútù (11:20, ìṣẹ́jú àáyá 40)

Bẹ̀rẹ̀ níbi tí Màmá ti ń da omi sínú abọ́. Má fi orin sí i rárá.

Màmá: "Èmi kì í bi ẹnikẹ́ni bóyá gàrí dáa. Ẹ̀kúnwọ́ kan ni mo ń bù sómi. Bó bá wú kí n tó rí ṣúgà, mo dá a padà. Èyí, mo wá ṣúgà, mo bó ẹ̀pà, ọmọ-ọmọ mi pè mí, mo dá a lóhùn. Mo padà dé, ó ṣì ń ró lẹ́yín mi."

Ohùn tiwa: "Ọjọ́ mẹ́rin la fi ń jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ yìí kan. A fún un gbẹ, a sẹ́ ẹ kúnná, a yan án. Gàrí Ìjẹ̀bú, láti Ìjẹ̀bú-Igbó."

2. Àpò tó rin (26:05, ìṣẹ́jú àáyá 55)

Màmá: "Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé àpò kan wá fún mi, mo kọwọ́ bọ̀ ọ́, ó rin. Inú bí mi! Mo pè wọ́n láàárọ̀. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí ọmọ náà fi gbé òmíràn dé, wọn ò gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi."

Má yọ ibi tí inú ti bí wọn. Bí ọ̀gá bá ní ká gé e, èmi ni màá bá wọn sọ ọ́. Bó bá jẹ́ pé Màmá kàn ń yìn wá ṣáá, àwọn èèyàn á ní a sanwó fún wọn ni. Ohùn tiwa ò sí níbí.

3. Ojúde Ọba (19:40, ìṣẹ́jú àáyá 30)

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú Iléyá ni kó jáde.

Màmá: "Ọjọ́ kẹta Iléyá, Ìjẹ̀bú-Òde á kún fọ́fọ́. Àwọn ará Èkó á jẹ ìkọ́kọrẹ́ tán lọ́dọ̀ mi, wọ́n á ní kí n bá àwọn wá gàrí mú lọ. Àpò mẹ́ta ni mo ń tọ́jú dè wọ́n."

Ohùn tiwa: "Ẹ kọ̀wé sí wa lórí Wásáàpù kẹ́ ẹ tó gbéra l'Ékòó. A ó ti dì í dè yín."

4. Ti sítétọ́ọ̀sì (ìṣẹ́jú àáyá 6)

Màmá, tẹnu tẹnu: "Ó kan, kò korò."

Ó tán.

Láti 34:00 dé 38:15, níbi tí wọ́n ti ń sọ gbèsè ọjà, má lò ó. Wọ́n sọ ọ́ fún mi bí ọmọ ni. Lọ́jọ́ Ẹtì, màá gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ bá wọn, kí wọ́n wò ó kó tó jáde.