Àtẹ̀jíṣẹ́ sí ọ̀gá: mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú ni mo máa dé

Ẹ káàárọ̀ mà, Àlàájà. Ẹ kú òjò. Aago méje kọjá díẹ̀ ni mo ti kúrò nílé, àmọ́ omi ti gba títì nítòsí afárá odò Asa. Ó ti dé ìdajì táyà kẹ̀kẹ́ tí mo wọ̀, dẹ́rẹ́bà ní òun ò wọ̀ ọ́. A ti ń ṣẹ́rí padà gba Geri Alimi, gosiló sì wà níbẹ̀ náà. Mi ò ní ní mẹ́jọ ààbọ̀ kí n má baà parọ́ fún yín: mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú ni kí ẹ máa retí mi. Oníbàárà Ọ̀fà ń bọ̀ ní mẹ́sàn-án; rìsíìtì rẹ̀ wà lórí tábìlì mi. Tó bá tún yí padà, màá pè yín. Ẹ má bínú mà.