Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gba àwọn ìyá ọlọ́mọ láàárọ̀ ọ̀la

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mọ̀ pé ìròyìn oṣù tó kọjá ló wà níwájú yín, àti pé ọjọ́ Ẹtì ni ìjọba ìbílẹ̀ ń retí rẹ̀. Mo gba ẹnu ọ̀nà yàrá káàdì kọjá lọ́sàn-án yìí, mo rí i pé oúnjẹ yín ṣì wà nínú kúlà bí ẹ ṣe gbé e wá. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi wọlé wá dá yín dúró. Mo ní kí n kọ ọ́ ránṣẹ́, kí ẹ lè kà á nígbà tí ẹ bá sinmi díẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò lè di ọ̀la.

Fíríìjì àjẹsára ti dákẹ́. Bátìrì sólà rẹ̀ ni a fura sí. Ìwọ̀n 2 sí 8 ló yẹ kí òtútù inú rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò ní aago 2, ó ti di 9. Kíá ni mo kó gbogbo ìgò sínú àpótí yìnyín, mo sì yẹ àmì ara wọn wò níkọ̀ọ̀kan. Igun mẹ́rin kékeré tó wà láàárín àmì náà kò tíì ṣú tó òbìrípo tó yí i ká, ìyẹn ni pé ooru ò tíì bà wọ́n jẹ́. Mi ò sì fẹ́ dúró kó bà wọ́n jẹ́. Oògùn rọpárọsẹ̀ tí a ń kán sọ́mọ lẹ́nu ò fara da ooru rárá. Abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní tiẹ̀, bí yìnyín bá mú un dì pẹ́nrẹ́n, ó di dídànù. Àpótí yìí ò ṣeé fi sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Mo ti bá ẹni tó ń tọ́jú yàrá òtútù ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìdó sọ̀rọ̀. Ó ní kí n gbé wọn dé ní aago 8 àárọ̀ ọ̀la, torí òun náà ń jáde lẹ́yìn ìyẹn. Màá gbé èyí tí a óò lò lọ́la padà bọ̀, ó sì yẹ kí n ti dé ní aago 10.

Ọ̀la náà sì ni Ọjọ́bọ̀ àjẹsára wa. Arábìnrin tó máa ń bá mi kọ ìwé gba àyè, ọmọ rẹ̀ ni ara rẹ̀ ò yá. Àwọn ìyá tó ń ti Akùfò àti abà bọ̀ máa ń dé kùtùkùtù. Bí wọn ò bá rí ẹni gbà wọ́n, wọ́n á gba ọjà lọ, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló máa padà wá.

Ẹ jọ̀wọ́, ohun tí mo ń tọrọ ni pé kí ẹ bá mi jókòó sídìí tábìlì iwájú láti aago 8 ààbọ̀ sí 10. Kí ẹ gba káàdì, kí ẹ kọ orúkọ sínú rẹ́jísítà, kí ẹ wọn ọmọ lórí òṣùwọ̀n, kí ẹ sì fún ìyá ní nọ́ńbà. Ẹ ò ní gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́, ẹ ò ní kán oògùn. Ọmọ tí ara rẹ̀ bá gbóná, ọ̀dọ̀ mátírọ́nù ni kí ẹ darí rẹ̀ sí.

Mo mọ̀ dájú pé kì í ṣe iṣẹ́ yín. Nítorí náà, èmi ni màá ṣírò ojú ìwé àjẹsára inú ìròyìn oṣù yín lálẹ́ òní. Màá kà á, màá tún un kà, ẹ ó sì bá a lórí tábìlì yín láàárọ̀. Tí mo bá parí abẹ́rẹ́ lọ́sàn-án ọ̀la, màá wá bá yín to káàdì títí tí ilẹ̀ fi máa ṣú. Mo ti sọ fún mátírọ́nù, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má pàṣẹ fún yín. Ẹ̀yin lẹ ni àkókò yín.

Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ kàn fèsì pé kò ṣeé ṣe kí aago 8 alẹ́ òní tó lù. Mi ò ní bèèrè ìdí, inú mi ò sì ní bàjẹ́ sí yín. Mẹ́gáàdì yóò sọ fún àwọn ìyá lẹ́nu géètì pé aago 10 ààbọ̀ la ó bẹ̀rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ wákàtí kan péré lẹ lè yọ̀ǹda, aago 9 sí 10 ni kí ẹ fún mi, ìgbà yẹn ni èrò máa ń pọ̀ jù.

Rẹ́jísítà wà nínú dúrọ́ọ̀ apá òsì, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mẹ́gáàdì. Ẹ bá mi kí àwọn ìbejì.

Àbúrò yín,
Ìyá Dámilọ́lá