Lẹ́tà sí Bísí lórí ọ̀rọ̀ "mùlátò"

Rísímọ́ǹdì, Fajíníà,
Ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024.

Bísí ọ̀rẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́, orúnkún ńkọ́? Mo ṣe àmín sí gbogbo àdúrà rẹ.

O bi mí pé kí ló dé tí ọkọ Níkẹ̀ẹ́ kò fi dá ọ lóhùn mọ́ lórí fóònù lẹ́yìn tó o ní, "Mùlátò wa, báwo ni?" Mo mọ̀ pé inú kan lo fi kí i. Bí a ṣe rí ọ̀rọ̀ yẹn, tí wọ́n fi ń pe ọmọ tí òyìnbó àti èèyàn dúdú bí, nínú ìwé ìtàn nílé ẹ̀kọ́ náà nìyẹn, olùkọ́ wa kò sì sọ ohun tó wà nídìí rẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n ó dun Dáníẹ́lì, ọkọ Níkẹ̀ẹ́. Ó dìde kúrò nídìí oúnjẹ.

Ọ̀dọ̀ àwọn ará Pọtogí àti Sípéènì ni ọ̀rọ̀ náà, mulato, ti wá. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè gbà pé ara mula ló ti yọ, mula sì ni ìbaaka, ọmọ tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá ẹṣin bí, ìbaaka kan náà tí Sáàmù 32 ní kò lóye. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan ni, muwallad. Bó bá tiẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ìbaaka ni àwọn tó ń pe ọmọlọ́mọ bẹ́ẹ̀ ní lọ́kàn. Ìwọ wò ó, Bísí: òyìnbó bá ẹrúbìnrin rẹ̀ bímọ, lọ́pọ̀ ìgbà pẹ̀lú ipá, ó wá fi orúkọ ẹran ọ̀sìn sọ ọmọ tó jáde lára òun fúnra rẹ̀.

Ìbaaka kì í bímọ. Wọ́n gbé ìyẹn náà lé àwọn èèyàn yìí lórí. Lọ́dún 1843, dókítà kan ní Alabámà tó ń jẹ́ Josáyà Nọ́tì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn pé ẹ̀yà àdàlù ni wọ́n, pé wọn kì í pẹ́ láyé, pé àwọn obìnrin wọn kì í bímọ dáadáa. Irọ́ gbuu ni, ṣùgbọ́n orúkọ ìmọ̀ ni wọ́n fi ń pa á.

Ní Fajíníà tí mo ń gbé yìí, òfin 1662 ti sọ pé ipò ìyá ni ọmọ ń jogún. Bí ìyá bá jẹ́ ẹrú, ẹrú lọmọ, bàbá ìbáà jẹ́ gómìnà. Nígbà tó di 1850, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ "M" síwájú àwọn tí wọ́n kà sí mùlátò nínú ìwé ìkànìyàn, wọ́n sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí di 1920, àyàfi lọ́dún 1900.

Mo ti fojú ara mi rí ọ̀kan. Lọ́dún tó kọjá, Dáníẹ́lì mú mi lọ sí ilé ìkówèésí, ó ń wá ìdílé bàbá rẹ̀, nítorí èèyàn dúdú ni bàbá rẹ̀, òyìnbó sì ni ìyá rẹ̀. Ó ṣí ojú ìwé 1850 kan fún mi lórí kọ̀ǹpútà, ìwé tí wọ́n kọ àwọn ẹrú sí. Orúkọ olówó wọn wà lókè gàdàgbà. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ìlà kan kà báyìí: ọmọ ọdún 11, obìnrin, M. Kò sí orúkọ. Dáníẹ́lì fi ìka lé "M" yẹn, kò sì gbé e kúrò fún ìgbà pípẹ́. Ó lè jẹ́ ìyá ìyá bàbá bàbá rẹ̀ nìyẹn. Ibo ló ti fẹ́ mọ̀, nígbà tí lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n fi dípò orúkọ ọmọ?

Ohun tó gbọ́ nìyẹn nígbà tó o kí i.

Mo mọ̀ pé wàá ní wọ́n ṣì ń sọ ọ́ ní Kúbà. Òótọ́ ni, ìkànìyàn wọn ti 2012 pàápàá lò ó. Ṣùgbọ́n ní Bùràsíìlì, ọ̀pọ̀ obìnrin dúdú ti ń sọ pé àwọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe àwọn ní mulata mọ́. Áàfù-káàsì tí àwa ń pè wọ́n nílé náà kò sàn jù ú lọ, Bísí. Ta ni ìdajì èèyàn? Èmi náà ti sọ ọ́ rí kí n tó mọ̀, mo sì ti bẹ Dáníẹ́lì.

Bó o bá dé nínú oṣù Kẹjọ, òun ni yóò wá pàdé rẹ ní pápákọ̀ òfurufú. Dáníẹ́lì ni kó o pè é, tàbí ọkọ Níkẹ̀ẹ́, tàbí ọmọ mi. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, sọ pé òyìnbó ni ìyá rẹ̀, èèyàn dúdú ni bàbá rẹ̀, ó parí. Bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù kó tó di ìgbà yẹn, má jẹ́ kó pẹ́. Ó ṣì ń bi mí nípa ọ̀jọ̀jọ̀ tó o ṣèlérí fún un.

Èmi ni,
Rónkẹ́ rẹ.