Òǹtẹ̀ Mọ́kọ́lá

Lẹ́tà náà ti yá jù. Ọjọ́ Ajé ni Fúnmilọ́lá, ọ́dítọ̀ tó ń yẹ ìwé owó ilé iṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ kan wò, kọ̀wé sí báńkì pé kí wọ́n sọ iye tí ilé iṣẹ́ náà ní lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Ọjọ́rú, èsì ti wà lórí tábìlì. Báńkì tó jẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ ni ọ́dítọ̀ máa ń bẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn!

"Ta ló mú un wá?" Fúnmilọ́lá bi Káyọ̀dé, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Akáńtáǹtì ilé iṣẹ́ náà ni, mà. Wọ́n ní àwọn ń lọ sí Dùgbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ni wọ́n bá bá wa gbà á bọ̀."

Fúnmilọ́lá wò ó, kò bínú. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti le jù náà nìyẹn: oníbàárà yóò fọwọ́ sí i pé kí báńkì sọ ọ̀rọ̀ òun, ó parí. Ọ́dítọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń fi lẹ́tà ránṣẹ́, ọwọ́ ọ́dítọ̀ náà sì ni báńkì gbọ́dọ̀ dá èsì sí. Ní ọdún 2003, ní ilẹ̀ Ítálì, irú ìwé báyìí ló sọ pé ilé iṣẹ́ oníwàrà Pámálátì ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 4 yúrò ní Báńkì Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n bi báńkì, wọ́n ní irọ́ ni, kò sí irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn.

Ó gbé ìwé náà sún mọ́ fèrèsé. Owó tó wà nínú àpò ilé iṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ náà ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 2023: ₦48,620,500. Iye tí akáńtáǹtì kọ sínú ìwé tirẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ìyẹn náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ilé iṣẹ́ tó ń fi sọ̀wédowó ra àgbàdo kiri, ṣé kò wá sí ẹyọ kan tí kò tíì dé báńkì lópin ọdún ni?

Ẹ̀ka Dùgbẹ̀ ló wà lórí ìwé. Orúkọ máníjà Dùgbẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Àmọ́ nígbà tó ka òǹtẹ̀ roboto tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbuwọ́lù náà yípo, Mọ́kọ́lá ló kà níbẹ̀.

"Káyọ̀dé, bá mi gbé fáìlì ọdún tó kọjá."

Máníjà kan náà ló fọwọ́ sí tọdún tó kọjá. Òǹtẹ̀ Dùgbẹ̀, onígun mẹ́rin, ni wọ́n tẹ̀ gba orí ìbuwọ́lù náà kọjá. Fúnmilọ́lá gbé ìwé méjèèjì léra, ó nà wọ́n sí oòrùn. Ìlà bá ìlà mu, ìrù bá ìrù mu. Ta ló ń fọwọ́ síwèé lẹ́ẹ̀mejì tí kò ní yàtọ̀ bí irun orí? Ó tún rí i pé ìbuwọ́lù tuntun náà já díẹ̀ láàárín, níbi tí etí òǹtẹ̀ àtijọ́ ti gba kọjá gan-an. Ẹni tó pa òǹtẹ̀ yẹn rẹ́ ti pa díẹ̀ mọ́ ọn lára ìbuwọ́lù.

"Áà," ni Káyọ̀dé ń wí.

Wọ́n wọ mọ́tò lọ sí Dùgbẹ̀. Máníjà wo ìwé náà pẹ́, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ọwọ́ mi rèé, àǹtí. Èmi kọ́ ni mo fi síbẹ̀. Òǹtẹ̀ yìí ńkọ́, èyí tí wọ́n fi ń tẹ tẹ́là owó sísan ni, a kì í fi tẹ lẹ́tà. Lẹ́tà tiyín gan-an kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi."

Fúnmilọ́lá fi òmíràn lé e lọ́wọ́, ó gba ìwé pé wọ́n ti rí i gbà. Èsì dé ọ́fíìsì rẹ̀ tààrà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e: ₦3,214,870, àti gbèsè ₦30,000,000 tí kò sí nínú ìwé kankan tí akáńtáǹtì fi hàn wọ́n.

Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ náà pè é ní ìrọ̀lẹ́. Ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Ìyá wa, mo gbọ́ pé ẹ lọ sí báńkì. Ọmọ yẹn ló ṣìṣe, n óò bá a wí. Ẹ jẹ́ ká jókòó sọ ọ́, èmi àti ẹ̀yin nìkan."

"Ẹ ṣeun, sà. Mo ti kọ̀wé sí gbogbo àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ yín láàárọ̀ yìí, mo sì fi ìwé méjèèjì mọ́ ọn. Wọ́n ní kí a pàdé lọ́jọ́ Ẹtì, agogo mẹ́wàá."

Ó dákẹ́ títí.

"Àwọn wo nínú ìgbìmọ̀?"

"Gbogbo wọn, sà."